Ẹ Kọ́kọ́ Fi Hàn Án, Kẹ́ Ẹ Tó Sọ̀rọ̀

Bí ẹ bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lásìkò tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹran ọ̀sìn, etí lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ á bèèrè pé, "Báwo ni ajá ṣe ń gbó?" gbogbo kíláàsì á sì gbó. Á tún ní, "Báwo ni ewúrẹ́ ṣe ń ké?" wọ́n á ké tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ lẹ́yìn ògiri á fi gbórí sókè. Ẹ̀kọ́ tó dùn ni. Àmọ́ ohùn ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Bí ọmọ kan bá wà láàárín wọn tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, ohun tó rí nínú ẹ̀kọ́ náà kò ju pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹnu ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì tún pa dé. Òun náà á ṣí tiẹ̀. Olùkọ́ á rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, á sì gbà pé ó ti mọ̀ ọ́n.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fún irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé kó ṣe káàdì àwòrán: àwòrán ẹran lókè, orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ìmọ̀ràn náà dára. Ṣùgbọ́n káàdì lè kún ara ògiri kíláàsì látòkè délẹ̀ kí ọmọ náà má sì mọ orúkọ ẹran méjì, torí káàdì nìkan kì í kọ́ ọmọ. Ìgbà tí olùkọ́ gbé e sókè, ibi tó gbé e sí lára, àti bó ṣe dákẹ́ pẹ́ tó kó tó la ẹnu, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọmọ kan, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa. Ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún 8, ó wà ní kíláàsì kejì, àwọn 45 ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Kì í ṣe adití pátápátá. Nígbà tí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò ní ọsibítù, wọ́n rí i pé ohùn gbọ́dọ̀ tó dẹ́síbẹ̀lì 60 kí èyí tó sàn jù nínú etí rẹ̀ méjèèjì tó lè gbọ́ ọ. Dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára tó. Ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, téèyàn bá dúró ní nǹkan bíi mítà kan sí i, kò ju nǹkan bí 60 yẹn náà lọ. Torí náà, bí ìyá rẹ̀ bá dúró síwájú rẹ̀ gan-an tó sì bá a sọ̀rọ̀, ẹnu ọ̀nà etí ni ọ̀rọ̀ náà á dé. Bóyá á wọlé, bóyá kò ní wọlé. Nínú ìpín tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, ó wà láàárín àwọn tó jẹ́ pé láti 50 sí 65 ni tiwọn. Ẹni tó wà níbẹ̀ lè gbọ́ ẹni tó gbóhùn sókè níbi tó pa rọ́rọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ máa ń sú u.

Ohùn kì í sì dúró bó ṣe rí. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì 6 á dín kúrò lára rẹ̀. Olùkọ́ tó kúrò ní mítà kan tó lọ sí mítà méjì ti sọ 6 nù. Tó bá dé mítà mẹ́rin, ìyẹn iwájú pátákó ìkọ̀wé, 12 ti lọ. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé nǹkan kan yí padà, torí ohùn kan náà ló ṣì ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n fi kọ́ ọmọ náà létí ń ràn án lọ́wọ́ gan-an, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá kọjá nítòsí ló ń gbé ga: fáànù, bẹ́ńṣì tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, àti jẹnẹrétọ̀ ilé kejì. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ òbí kì í mọ̀ ni pé etí tó ní àléébù kì í sọ gbogbo ohùn nù bákan náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ohùn tó tín-ín-rín ló ń kọ́kọ́ lọ, irú bíi "s", "ṣ", "f" àti "t". Àwọn fáwẹ̀lì àti ohùn ọ̀rọ̀, ìyẹn dò-rè-mí tó wà lára èdè wa, máa ń ṣẹ́ kù. Nítorí náà, bí ẹ bá sọ "ẹṣin" fún ọmọ yìí, ó lè gbọ́ bí ohùn ṣe lọ, kó sì gbọ́ "ẹ" àti "in", kí àárín rẹ̀ sì ṣófo. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ilé fi máa ń sọ pé, "Ó gbọ́ o, ó kàn fẹ́ ṣe agídí ni." Ó gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Wíwo ètè olùkọ́ kò lè dí àlàfo yẹn tán. "B" àti "m" kò yàtọ̀ síra lójú ẹni tó ń wo ètè, torí ètè méjèèjì ló ń pa dé fún wọn. Ẹ dúró síwájú dígí, kí ẹ sọ "ọ̀bọ," kí ẹ tún sọ "ọmọ," láì jẹ́ kí ohùn jáde. Ẹ ò ní rí ìyàtọ̀. "K" àti "g" tiẹ̀ tún burú jù, ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n ti ń ṣẹ̀ wá, ètè kò sì fi wọ́n hàn rárá. Bákan náà ni ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò hàn lára ètè. Ohun tí káàdì wà fún nìyẹn: láti sọ ohun tí etí gbọ́ lábọ̀ àti ohun tí ètè fi hàn lábọ̀ di odindi.

Káàdì fúnra rẹ̀ kò gba owó púpọ̀. Páálí bísíkíìtì tí wọ́n lẹ bébà funfun mọ́ tó, bí ìwé ńlá kan tí wọ́n gé sí méjì ni kó ṣe tóbi. Kí wọ́n fi máákà dúdú kọ orúkọ sísàlẹ̀, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ìgbọ̀nwọ́ àtàǹpàkò àgbàlagbà, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ààbọ̀ sí 3, kí ọmọ lè kà á láti ibi tó jókòó. Gbogbo àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kì í kọ àmì, àmọ́ ọmọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nílé kò nílò àmì tó ọmọ tí ojú nìkan ló fi ń kọ́ ọ. Fún tiẹ̀, bí wọ́n bá kọ "ẹkun" láìní àmì, òun kò ní ibì kankan tó ti máa mọ̀ bóyá ẹranko tó ní tótòtó lára ni tàbí omijé.

Ní ti àwòrán, fọ́tò gidi sàn ju àwòrán apanilẹ́rìn-ín lọ. Ewúrẹ́ tó wọ bàtà tó sì dé fìlà lè mú ọmọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò jọ ewúrẹ́ tó wà ní àdúgbò. Fóònù olùkọ́ lè ya ewúrẹ́ aládùúgbò, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tó yẹ kí wọ́n fi sọ́kàn ni pé àwòrán kan kò tó fún ẹran kan. Ọmọ tó jẹ́ pé ajá pupa kan ṣoṣo ló rí lórí káàdì lè rò pé ajá pupa yẹn ló ń jẹ́ "ajá," kí dúdú tó wà nílé wọn sì máa jẹ́ nǹkan mìíràn. Àwòrán mẹ́ta fún ẹran kọ̀ọ̀kan ló dáa: àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó dúró, èyí tó dùbúlẹ̀, àti èyí tó ní ọmọ lẹ́yìn.

Ọmọ tún lè mọ káàdì láìmọ ọ̀rọ̀ tó wà lórí rẹ̀. Bí epo bá ta sí igun káàdì pẹ́pẹ́yẹ, tàbí tí etí rẹ̀ bá ti ká, ọmọ yẹn á máa fi àbàwọ́n náà dá a mọ̀, á sì máa gbà á tọ̀nà lójoojúmọ́. Olùkọ́ á máa yọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ káàdì náà sí tuntun ni àṣírí á tú.

Ibi tó ṣe kókó jù wá kàn báyìí. Ọmọ tó gbọ́ràn lè wo àwòrán kó sì máa gbọ́ àlàyé lẹ́ẹ̀kan náà, torí ojú ń ṣe tiẹ̀, etí ń ṣe tiẹ̀. Ọmọbìnrin tí à ń sọ yìí, ojú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Nígbà tó bá ń wo káàdì, kò rí ètè olùkọ́. Nígbà tó bá ń wo ètè olùkọ́, kò rí káàdì. Olùkọ́ tó bá gbé káàdì ewúrẹ́ sókè tó sì ń sọ lọ́wọ́ kan náà pé, "Ewúrẹ́ nìyí, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, koríko ló ń jẹ," ti sọ gbólóhùn mẹ́ta fún ẹni tí kò wo ojú rẹ̀. Ọmọ náà rí ewúrẹ́ o, ṣùgbọ́n ó ti rí ewúrẹ́ rí. Orúkọ ló wá kọ́.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Olùkọ́ dúró sójú kan. Ó gbé káàdì sókè láìsọ̀rọ̀. Ó dúró, kí ọmọ náà wò ó tó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta, ojú ọmọ á kúrò lára káàdì, á padà sójú olùkọ́. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un kó ṣe bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ló máa ń ṣe é. Ìgbà yẹn ni olùkọ́ á wá sọ pé, "Ewúrẹ́ nìyí." Á dákẹ́. Á fi ìka sí abẹ́ ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ àwòrán, á tún dákẹ́. Tí ojú ọmọ bá tún padà, á sọ gbólóhùn tó kàn: "Ewúrẹ́ ń jẹ koríko." Nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan, ojú kan lẹ́ẹ̀kan.

Ó máa ń ṣe olùkọ́ bíi pé ìdákẹ́jẹ́ náà ti pẹ́ jù, torí wọ́n ti kọ́ wa pé kíláàsì tó dákẹ́ ni kíláàsì tí olùkọ́ rẹ̀ ò múra sílẹ̀. Àmọ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni. Ibi tí wọ́n gbé káàdì sí náà ṣe pàtàkì: ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló yẹ kó wà, kí ojú ọmọ má baà rin ìrìn àjò jìnnà láti ara káàdì dé ara ètè. Káàdì tó wà níwájú àyà jìnnà jù. Èyí tó wà níwájú ẹnu ti di ẹnu pa. Olùkọ́ tó bá sì ń kọ̀wé sára pátákó tó tún ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Kíké mọ́ ọn náà kò wúlò, bẹ́ẹ̀ ni yíya ẹnu gbàǹgbà, torí méjèèjì ló ń ba bí ètè ṣe yẹ kó rí jẹ́. Ohùn tó mọ́ gaara, tí kò yára jù, ló dára.

Ibi tí ọmọ náà jókòó sí kò yẹ kó jẹ́ àárín gbùngbùn iwájú, bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń rò. Ẹ̀gbẹ́ kan ní bẹ́ńṣì kìíní tàbí ìkejì ló dáa, kí etí tó sàn jù kọjú sí kíláàsì, kó sì lè yíjú wo ọmọ tó ń dáhùn. Fèrèsé gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ọmọ, kì í ṣe lẹ́yìn olùkọ́. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn olùkọ́, òjìji dúdú kan ni ọmọ máa rí, kò ní rí ètè. Láti pè é, wọ́n lè fọwọ́ kàn án ní èjìká tàbí kí wọ́n ju ọwọ́ níbi tó ti lè rí i. Àwọn kan máa ń gba olùkọ́ nímọ̀ràn pé kó fẹsẹ̀ kilẹ̀. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ pákó, torí ilẹ̀ pákó ń gbọ̀n. Lórí sìmẹ́ńtì, ẹsẹ̀ olùkọ́ ló máa dùn ún.

Ìdáhùn àjùmọ̀ṣe, ìyẹn kí gbogbo kíláàsì jọ ké e lẹ́ẹ̀kan náà, lohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Nínú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ariwo ọmọ 44 jẹ́ òkìtì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ kankan kò sí nínú rẹ̀. Ó sì tún ń fi ọmọ náà pamọ́ fún olùkọ́. Kì í ṣe pé kí wọ́n fagi lé e o, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Kí wọ́n kàn má fi ṣe ìdánwò. Nígbà ìdánwò, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ máa dáhùn lẹ́ẹ̀kan, kí olùkọ́ kọ́kọ́ nawọ́ sí ẹni náà kí ojú ọmọbìnrin yẹn tó dé ibẹ̀, kí ó sì tún ohun tí ẹni náà sọ sọ. Láìsí èyí, kò ní mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ títí onítọ̀hún á fi sọ ọ́ tán. Ẹ sì jẹ́ kí n fi èyí kún un: lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀ sórí páànù, tí gbogbo kíláàsì ò gbọ́ olùkọ́ mọ́, kíláàsì tó ti mọ́ra pẹ̀lú káàdì àti ìdákẹ́jẹ́ á máa bá ẹ̀kọ́ wọn lọ. Àwọn yòókù á máa wo òjò.

Kí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kankan tó bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ etí ọmọ náà ń ṣiṣẹ́. Daniel Ling, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí bí ọmọ adití ṣe lè kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ní Kánádà, ṣètò àyẹ̀wò kan tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ohùn mẹ́fà ni: "m," "u," "a," "i," "ṣ," "s." Gbogbo wọn ló wà nínú Yorùbá, kò sí èyí tó ṣòro fún olùkọ́ wa láti pè. Wọ́n tò ó láti ohùn tó nípọn dé èyí tó tín-ín-rín jù. Olùkọ́ á fi bébà kan bo ẹnu kí ọmọ má baà rí ètè, á sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti nǹkan bíi mítà méjì, láìtò ó bákan náà lójoojúmọ́, á sì máa dákẹ́ láàárín wọn fún àkókò tí kò dọ́gba. Ọmọ á gbọ́wọ́ sókè tàbí kó pe ohun tó gbọ́. Bí "s" tó ń gbọ́ lánàá bá pòórá lónìí, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé bátìrì ti ń kú, torí bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í lo agbára látìgbà tí wọ́n ti ṣí bébà ara rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ó lè jẹ́ òógùn ló wọ ọpọ́n rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé epo etí ló dí i. Bí ẹ̀rọ bá ń súfèé léraléra, ohun tó wọ inú etí ti kéré fún ọmọ tó ń dàgbà, kí wọ́n gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é. Bí etí bá ń ṣọyún, ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, ọsibítù ló kàn.

Ó wá ku ẹ̀kọ́ náà gan-an. Ká sọ pé ẹran mẹ́fà ni ìwé ètò ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n kọ́ lọ́sẹ̀ yìí: ewúrẹ́, àgùntàn, ajá, ológbò, adìyẹ, pẹ́pẹ́yẹ. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò sì ní fi ewúrẹ́ àti àgùntàn pa pọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun méjì tó jọra, tí wọ́n jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà, ń gba orúkọ ara wọn. Ewúrẹ́, ajá àti pẹ́pẹ́yẹ ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Ìrísí wọn jìnnà síra, ètè náà kò sì rí bákan náà nígbà téèyàn bá ń pè wọ́n. Ọjọ́ kejì ni kó mú àgùntàn, ológbò àti adìyẹ wá, nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ nínú ìkejì kọ̀ọ̀kan bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, káàdì kéékèèké mẹ́ta ti bá ọmọ náà délé. Iṣẹ́ tí wọ́n rán ìyá rẹ̀ ni pé kó mú káàdì ewúrẹ́ lọ síbi tí ewúrẹ́ wà, kó jẹ́ kí ọmọ wo ewúrẹ́, kó wo káàdì, kó wá wo òun, kó tó pè é. Ọmọ tó ti pàdé ọ̀rọ̀ nílé kì í máa wá a kiri nínú ariwo ilé ìwé, dídá a mọ̀ nìkan ló kù fún un.

Láàárọ̀, okùn wà lára ògiri, pẹ́ẹ̀gì aṣọ sì wà lára rẹ̀. Bí olùkọ́ bá ti fi káàdì hàn tán, ara okùn ló máa fi há, kí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣófo fún àmì ọwọ́, kí ọmọ sì lè padà wò ó nígbà tó bá fẹ́. Lẹ́yìn tó bá ti fi ẹran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn wọ́n lọ́nà tí mo sọ lókè, á pín káàdì fún àwọn ọmọ ní méjì-méjì. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán mú àwòrán. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí kò ní àwòrán mú àwòrán. Níkẹyìn, kí wọ́n ká apá àwòrán sẹ́yìn, kí ọ̀rọ̀ nìkan ṣẹ́ kù, kí ọmọ sì ṣe bí ẹran náà ṣe ń ṣe: kó fi ọwọ́ méjèèjì ṣe apá pẹ́pẹ́yẹ, kó mi ìdí bí ajá tó rí olówó rẹ̀. Èyí ló rọ́pò ìbéèrè "báwo ló ṣe ń ké" tí à ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ tó gbọ́ràn kì í ṣàárò èkíní rárá, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ kejì tí àgùntàn dé, ìrù ni olùkọ́ máa nawọ́ sí. Ìrù ewúrẹ́ máa ń dúró sókè, ti àgùntàn máa ń kọ́ sílẹ̀. Ó sàn kó fi káàdì àlàyé ìrù kan hàn ju kó sọ ìyàtọ̀ mẹ́wàá lọ. Bákan náà ni àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, tí awọ so ọmọ ìka rẹ̀ pọ̀, á ya á sọ́tọ̀ lára adìyẹ.

Ká sọ pé ọjọ́ kẹta nìyí, olùkọ́ wá sọ fún ọmọbìnrin yẹn pé, "Mú ewúrẹ́ fún mi," ó sì mú àgùntàn. Ohun méjì ló lè fà á, ìtọ́jú wọn kò sì jọra. Ó lè jẹ́ pé kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó lè jẹ́ pé ó gbọ́, àmọ́ kò tíì mọ ẹran méjèèjì yàtọ̀. Láti mọ̀, kí olùkọ́ má tún un sọ. Kó fún un ní bébà tí wọ́n kọ "ewúrẹ́" sí. Bó bá mú ewúrẹ́ wàyí, ó mọ ẹran, ó mọ ọ̀rọ̀, etí ni kò ràn án lọ́wọ́: kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò, kí olùkọ́ sún mọ́ ọn. Bó bá tún mú àgùntàn, kí wọ́n padà sídìí ìrù. Olùkọ́ tó bá kàn ń tún ọ̀rọ̀ sọ tó sì ń gbóhùn sókè sí i kò lè mọ èyí tó jẹ́. Ìbéèrè tó sì burú jù ni "Ṣé ó ti yé ẹ?" torí ọmọ tí etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa ti kọ́ tipẹ́tipẹ́ pé tóun bá ti mi orí, àwọn àgbà á fi òun sílẹ̀.

Ìṣòro mìíràn tó máa ń yọjú lọ́sẹ̀ yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ "ẹran" fúnra rẹ̀. Ọmọ tó gbọ́ràn ti gbọ́ "ẹran ọ̀sìn" lẹ́nu bàbá àgbà, ó sì ti gbọ́ "ẹran" nídìí ìkòkò ọbẹ̀, ó mọ̀ pé wọn kò jọra. Èyí tí ọmọbìnrin yìí mọ̀ dájú ni ti inú ọbẹ̀. Bí olùkọ́ bá ní kó tọ́ka sí ẹran, kó sì fi ìka hàn án pé ológbò kì í ṣe ẹran, òun gan-an ló ní làákàyè nínú àwọn méjèèjì. Káàdì ńlá kan ni kí wọ́n ṣe tí wọ́n kọ "ẹran ọ̀sìn" sí, tí ilé àti ọgbà wà lórí rẹ̀, kí wọ́n gbé e sílẹ̀, kí ọmọ sì máa to káàdì kéékèèké mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kó nǹkan jọ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé yà lẹ́ẹ̀kan, títò ni ọmọ fi ń mọ̀ ọ́n.

Bí ọjọ́ bá pọ̀ sí i, orúkọ nìkan kò tó mọ́. Ọmọ lè mọ orúkọ ẹran ogún kó má sì lè sọ gbólóhùn kan. Kí wọ́n fi páálí aláwọ̀ mìíràn ṣe káàdì fún ohun tí ẹran ń ṣe: "ń jẹ," "ń sá," "ń fò," "ń lúwẹ̀ẹ́." Olùkọ́ ará Amẹ́ríkà kan, Edith Fitzgerald, tí òun náà jẹ́ adití, gbé ìwé kan jáde ní 1926 tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè pín pátákó sí ọ̀wọ́n, kí ọmọ adití lè rí ibi tí ẹni tó ṣe nǹkan máa wà, ibi tí ohun tó ṣe máa wà, àti ibi tí èyí tó kù máa wà. Ọgbọ́n kan náà la lè lò lórí okùn: "Pẹ́pẹ́yẹ" lápá òsì, "ń lúwẹ̀ẹ́" láàárín, "nínú omi" lápá ọ̀tún. Èdè Yorùbá bá a mu dáadáa, torí ipò tí ọ̀rọ̀ wà nínú gbólóhùn ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbé "ewúrẹ́" sí ipò "pẹ́pẹ́yẹ," kí òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dájú ju mímí orí lọ.

Mi ò ní sọ pé káàdì tó fún gbogbo ọmọ. Ọmọ tó jẹ́ adití pátápátá, tí ẹ̀rọ ò sì ràn lọ́wọ́, nílò odindi èdè, èdè ọwọ́ tó lè fi bèèrè ìdí tí ajá fi ń gbó àlejò. Káàdì kò lè dáhùn ìyẹn. Ní Nàìjíríà, àmì ọwọ́ tí wọ́n ń lò nílé ìwé adití ti pilẹ̀ látọ̀dọ̀ Andrew Foster, ọmọ adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tí àrùn yírùnyírùn sọ di adití nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11, tó sì dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ọ̀pọ̀ àmì ẹran inú rẹ̀ ló ṣeé fojú mọ̀: ọwọ́ tó ń rìn láti imú lọ síwájú bí ọwọ́jà erin, ìka méjì tó ń ṣí tó ń pa dé lẹ́nu bí àgógó ẹyẹ. Bí ilé ọmọ náà bá ti ní àmì tiwọn, kí olùkọ́ kọ́ ọ, kí wọ́n máa lo méjèèjì. Àwòrán ọwọ́ tó ń ṣe àmì lè wà lẹ́yìn káàdì kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ 44 yòókù náà lè kọ́ ọ. Ní àkókò ìsinmi, àwọn ló máa bá a ṣeré, olùkọ́ kò ní sí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, fọ́tò tí ọmọ náà ò rí rí ni wọ́n á fi dán an wò, kì í ṣe káàdì tó ti mọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni olùkọ́ á gbà bi í léèrè ẹran kọ̀ọ̀kan: lẹ́nu, nínú ìwé, àti ní àmì ọwọ́, á sì kọ èyí tó mọ̀ sínú ìwé rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó mọ̀ nínú ìwé tí kò mọ̀ lẹ́nu á padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, láàárín àwọn tuntun.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn, ẹranko inú igbó ló kàn, ìṣòro mìíràn sì ń dúró. Lórí káàdì, erin àti ọ̀kẹ́rẹ́ dọ́gba. Kí èèyàn kan wà nínú àwòrán erin, kí ọwọ́ èèyàn sì wà nínú ti ọ̀kẹ́rẹ́, láìṣe bẹ́ẹ̀ ọmọ tí kò gbọ́ ìtàn erin rí kò ní mọ bó ṣe tóbi tó. Bí ilé ìwé náà bá wà ní Ìbàdàn, wọ́n lè kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì. Àwọn tó ń mú àlejò káàkiri níbẹ̀ máa ń nawọ́ sí kìnnìún tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kan náà, kí olùkọ́ yáa sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ níbi géètì. Kí wọ́n ṣàlàyé kí wọ́n tó dé iwájú àgò, káàdì lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, kí gbogbo wọn dákẹ́, kí ọmọ náà wo kìnnìún títí ojú rẹ̀ á fi padà sí wọn.